Lẹ́tà Ayítì Ti Dé: Ẹ Má Tíì Fọwọ́ Sí I

Ẹ kú ìjókòó o. Lẹ́tà tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí, àbúrò mi ló ni ín. Ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ẹ̀rọ iná ló ń kọ́ ní yunifásítì, ilé iṣẹ́ kan tó ń so sólà mọ́lé n'Íbàdàn sì gbà á fún ayítì, ìyẹn iṣẹ́ tí akẹ́kọ̀ọ́ ń lọ kọ́ níbi iṣẹ́ gidi. Inú rẹ̀ dùn débi pé ó ti mú bírò. Mo ní kó sinmi ná, ká jọ kà á.

Ọjọ́ la kọ́kọ́ wò. Wọ́n ní kó bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 2 oṣù Kẹta 2026, kó parí ní ọjọ́ 31 oṣù Keje. Ẹ kà á lórí kàlẹ́ńdà: ọ̀sẹ̀ 22 ni. Ọ̀sẹ̀ 24 sì ni ilé ẹ̀kọ́ rẹ̀ ń béèrè. Ojú ewé ọ̀sẹ̀ méjì máa ṣófo nínú lọ́gíbúùkù. Ọjọ́ 14 oṣù Kẹjọ ló yẹ kó parí.

Ẹ wá wo ìlà iṣẹ́, ibẹ̀ gan-an ló dùn mí: “iṣẹ́ yòówù tí a bá yàn fún un.” Ojoojúmọ́ lọmọ ayítì ń kọ ohun tó ṣe sínú lọ́gíbúùkù. Lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, ó máa ń ya àwòrán iṣẹ́ náà, ọ̀gá rẹ̀ á sì fọwọ́ sí i. Tí wọ́n bá fi í síbi fọ́tòkọ́pì látàárọ̀ Mọ́ńdè títí di Fúráìdè, kí ló fẹ́ yà? Ó yẹ kí lẹ́tà dárúkọ ẹ̀ka tó máa wà, kó sì sọ ọ̀gá tó máa fọwọ́ sí ìwé rẹ̀.

Owó ńkọ́? 30,000 náírà lóṣù, wọ́n pè é ní owó ọkọ̀. Láti Ọjọ́ọ̀ dé ibi iṣẹ́, 900 náírà ni àlọ, 900 ni àbọ̀. Ọjọ́ 22 lóṣù jẹ́ 39,600. Ilé ló máa ti wá 9,600 tó kù. Ẹ má sì ka owó ITF, àjọ ìjọba tó ń bójú tó ayítì, mọ́ ọn o: ìyẹn kì í ti ọwọ́ ilé iṣẹ́ wá, ó sì lè pẹ́ kó tó dé.

Àago mẹ́jọ sí márùn-ún, kò burú. Ó ní láti wọ bàtà ààbò, àmọ́ lẹ́tà ò sọ ẹni tó máa rà á.

Ohun tó kọ sí wọn nìyí: “Ẹ ṣeun tí ẹ gbà mí, ẹ̀yin ọ̀gá wa. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi fi ẹ̀ka tí mo máa wà àti orúkọ ọ̀gá mi kún lẹ́tà yìí, kí ìparí rẹ̀ sì di ọjọ́ 14 oṣù Kẹjọ, torí ọ̀sẹ̀ 24 ni ilé ẹ̀kọ́ wa ń béèrè. Mo tún fẹ́ mọ̀ bóyá èmi ni mo máa ra bàtà ààbò.”

Ọjọ́ kejì ni lẹ́tà tuntun dé. Wọ́n tún ọjọ́ ṣe, wọ́n fi í sí ẹ̀ka tó ń so páńẹ́lì àti ínfátà, wọ́n sì ní àwọn máa fún un ní bàtà. Owó ò kúrò ní 30,000. Ó ṣe kọ́pì méjì, ó mú ọ̀kan lọ sí ọ́fíìsì SIWES tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ayítì nílé ẹ̀kọ́ rẹ̀, ó sì fi èkejì pamọ́ sínú fáìlì.