Ta Ilé Búrẹ́dì Rẹ, Má Bá Mi Díje: Ibo Ni Irú Àdéhùn Bẹ́ẹ̀ Lè Dé?

Ẹ̀yin oníṣòwò Àkúrẹ́, ẹ kú ìjókòó. Àpẹẹrẹ kan ṣoṣo ni mo fẹ́ ká jọ yẹ̀ wò lónìí.

Ẹ jẹ́ ká sọ pé ìyá kan ní ilé búrẹ́dì ní Òkè Àró, ó sì tà á ní mílíọ̀nù 60 náírà. Bí ẹ bá ka ilé, ààrò, ẹ̀rọ ìpo-ìyẹ̀fun àti jẹnẹrétọ̀, iye wọn kò ju mílíọ̀nù 35 lọ. Kí wá ni olùrà fi mílíọ̀nù 25 yòókù rà? Orúkọ tó wà lára ọ̀rá búrẹ́dì náà ni, àti àwọn tó ń wá kó o láàárọ̀ lọ sí Ọjà Ọba, Ìlárá-Mọ̀kín àti Ìdànrè. Bí ìyá yìí bá ṣí òmíràn sí òdìkejì títì lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, àwọn oníbàárà á tẹ̀lé e, owó yẹn á sì ti wọgbó.

Bí ìwé àdéhùn kò bá sọ nǹkankan, òfin kò ní kí ìyá náà má ṣí òmíràn. Ohun tí kò gbọ̀dọ̀ ṣe ni pé kó máa lọ bá àwọn oníbàárà tó ti tà láti fà wọ́n padà. Ilé ẹjọ́ tó ga jùlọ nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ló fìdí èyí múlẹ̀ ní ọdún 1896, nínú ẹjọ́ Trego àti Hunt. Nítorí náà ni olùrà ṣe ń fẹ́ kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀.

Ibẹ̀ gan-an ni wàhálà ti ń bẹ̀rẹ̀. Olùrà á ní kí agbẹjọ́rò kọ ọ́ pé: “Olùtà kò gbọ̀dọ̀ ṣe òwò oúnjẹ kankan níbikíbi ní Nàìjíríà fún ọdún 10.” Ó rò pé bó ṣe gbòòrò tó ló ṣe lágbára tó. Irọ́ ni. Àdéhùn tó bá dí ènìyàn lọ́wọ́ iṣẹ́ kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀ lójú òfin, àfi bí ẹni tó fẹ́ lò ó bá fi hàn pé kò kọjá ààlà láàárín àwọn méjèèjì, tí àdéhùn náà kò bá sì pa ará ìlú lára. Lóòótọ́, ilé ẹjọ́ máa ń gba ti ẹni tó ra òwò ju ti ọ̀gá tó fẹ́ dí òṣìṣẹ́ rẹ̀ lọ́nà, nítorí olùtà ti gba owó gidi lórí rẹ̀. Òfin ìdíje àti ààbò oníbàárà ti ọdún 2018, ní abala 68, náà yọ irú àdéhùn yìí sílẹ̀, ṣùgbọ́n kìkì bó bá jẹ́ láti dáàbò bo orúkọ àti oníbàárà tí olùrà rà.

Ìbéèrè tí adájọ́ á bi yín nìyẹn: kí lẹ rà? Nínú ẹjọ́ Nordenfelt ní ọdún 1894, ọkùnrin kan ta òwò ìbọn, ó sì gbà láti má ṣe é mọ́ fún ọdún 25 káàkiri àgbáyé. Ilé ẹjọ́ fọwọ́ sí i, nítorí àwọn ìjọba orílẹ̀-èdè ni oníbàárà rẹ̀. Ṣùgbọ́n ibi tí wọ́n ti ní kò gbọ̀dọ̀ bá ilé iṣẹ́ náà díje lọ́nàkọnà, wọ́n gé e kúrò. Ìyá wa kò ta búrẹ́dì dé Sókótó rí, kò sì ta ìrẹsì rí. Bí olùrà bá tún ní ilé búrẹ́dì mìíràn ní ìlú Oǹdó, kò lè fi àdéhùn yìí dáàbò bo ìyẹn.

Adájọ́ lè pa ọ̀rọ̀ tó pọ̀jù rẹ́, bí ìyókù bá lè dá dúró. Kò ní bá yín kọ tuntun. Bí ẹ bá pa “Nàìjíríà” rẹ́ nínú gbólóhùn yẹn, ibo ló kù? Ohun tí èmi máa kọ ni pé: ṣíṣe búrẹ́dì, fún ọdún mẹ́ta, ní Ìjọba Ìbílẹ̀ Gúúsù Àkúrẹ́, ní Àríwá Àkúrẹ́, ní Ìdànrè, ní Ifẹ́dọ̀rẹ́. Bí ọ̀kan bá ṣubú, àwọn yòókù wà. Kí ẹ so àkọsílẹ̀ àwọn tó ń kó búrẹ́dì ní ọdún tó kọjá mọ́ ọn, òun ni ẹ̀rí pé ọjà náà dé ibẹ̀. Bí ìyá bá sì yẹ àdéhùn, ẹ tètè lọ sí Ilé Ẹjọ́ Gíga Ìpínlẹ̀, torí ẹni tó jókòó wò ó fún oṣù mẹ́jọ máa ṣòro fún láti gba àṣẹ ìdádúró.

Àdéhùn láti pa àṣírí òwò mọ́ yàtọ̀. Òun lè wà títí tí àṣírí náà bá ṣì jẹ́ àṣírí: ìwọ̀n èròjà, iye tí wọ́n ń ra ìyẹ̀fun, orúkọ oníbàárà. Ẹ dárúkọ wọn. Bí ẹ bá kọ “gbogbo ohun tó mọ̀,” ẹ ti kó ọgbọ́n ọwọ́ ìyá náà mọ́ ọn, ìyẹn kò sì ṣeé tà. Ohun tí gbogbo alábúrẹ́dì mọ̀ kì í ṣe àṣírí, àdéhùn kankan kò sì lè pa ìyá náà lẹ́nu mọ́ lórí rẹ̀ níwájú adájọ́.

Ẹnìkan tún wà tí wọ́n sábà máa ń gbàgbé: ọ̀gá àwọn tó ń po ìyẹ̀fun. Òun gan-an ló mọ ìwọ̀n èròjà, òun kọ́ ló sì fọwọ́ sí ìwé títà. Ìbúwọ́lùwé ìyá náà kò dè é. Ẹ bá a ṣe àdéhùn tirẹ̀ kí ẹ tó san owó ìyókù.