Ibo Ni Wọ́n Gbà Wọlé? Bí A Ṣe Ń Ka Àbọ̀ Ọ̀nà Tí Òǹwòran Gbà Rí Fídíò Wa

Ẹ kú ìjókòó o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ọ̀pọ̀ nínú yín ló ní ìkànnì lórí YouTube, mo sì mọ ohun tí ẹ kọ́kọ́ máa ń wò bí ilẹ̀ bá mọ́: iye ìgbà tí wọ́n wo fídíò yín. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ ó wo bí wọ́n ṣe pẹ́ tó nídìí rẹ̀. Ohun tí mo fẹ́ fi hàn yín lónìí ni pé nọ́ńbà méjèèjì yìí lè ṣi yín lọ́nà bí ẹ kò bá kọ́kọ́ mọ ibi tí àwọn òǹwòran gbà wọlé. Fídíò tó ń gbèrú lè dà bí èyí tó ń kú lọ lójú ẹni tó bá wo àròpọ̀ nìkan, onítọ̀hún á sì fọwọ́ ara rẹ̀ ba ohun tó ń lọ dáadáa jẹ́.

Fídíò tí a ó fi ṣe àpẹẹrẹ jẹ́ ti ìyá kan tó ń kọ́ni ní gèlè wíwé. Ìṣẹ́jú 8 ni gígùn rẹ̀. Aṣọ òkè ló fi wé e, ó sì ń fi bí ó ṣe ń ká a ní ìpele-ìpele hàn lójú dígí. Èmi ni mo ṣètò àwọn nọ́ńbà tí mo kọ sójú pátákó yìí kí ìṣirò lè rọrùn. Wọn kì í ṣe ti ìkànnì ẹnikẹ́ni.

Ẹ ṣí YouTube Studio, ẹ yan fídíò náà, ẹ tẹ `Analytics`, kí ẹ wá bọ́ sí abẹ́ `Reach`. Àpótí kan wà níbẹ̀ tí wọ́n kọ `How viewers find this video` sí lórí. Bí ẹ bá tẹ `See more` tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀, tábìlì kan yóò ṣí, ìlà kọ̀ọ̀kan nínú rẹ̀ sì dúró fún ọ̀nà kan. Ó sàn kí ẹ wò ó lórí kọ̀ǹpútà, torí tábìlì náà fẹ̀ ju ojú fóònù lọ. Ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn kò mọ̀ ni pé ìlà kọ̀ọ̀kan ṣeé tẹ̀, inú rẹ̀ lọ́hùn-ún sì ni àlàyé gidi wà.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti orí `YouTube search`. Ẹni tó gba ibẹ̀ wọlé ti fọwọ́ ara rẹ̀ tẹ ọ̀rọ̀ sínú àpótí ìwádìí. Ó mọ ohun tó ń wá kó tó rí wa. Bí a bá tẹ ìlà yìí, a ó rí àwọn ọ̀rọ̀ tí wọ́n tẹ̀ gan-an: `how to tie gele`, `bi a se n we gele` láìsí àmì ohùn kankan, `gele styles`. Wọn kì í fi gbogbo ọ̀rọ̀ hàn, pàápàá èyí tí èèyàn díẹ̀ péré tẹ̀, àmọ́ èyí tó bá hàn tó láti fi ṣiṣẹ́.

Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan, ẹ wo ibi tí wọ́n kọ `Average view duration` sí, ìyẹn bí òǹwòran ṣe pẹ́ tó ní ìpíndọ́gba. Ká ní àwọn tó tẹ `how to tie gele` dúró fún ìṣẹ́jú mẹ́rin, tí àwọn tó tẹ `gele styles` kò sì dúró tó ìṣẹ́jú kan. Ìyá wa lè bínú sí fídíò rẹ̀ nítorí àwọn kejì yìí, kó máa gé e kúrú, kó máa pa àkọlé rẹ̀ dà. Kí ó má ṣe bẹ́ẹ̀. Oríṣiríṣi gèlè tí wọ́n lè fojú yàn ni àwọn yẹn ń wá, ẹ̀kọ́ nípa ọ̀kan ṣoṣo ni fídíò yìí sì gbé kalẹ̀. Fídíò mìíràn ni wọ́n ń béèrè, ọ̀rọ̀ tí wọ́n tẹ̀ sì ti sọ irú èyí tó yẹ kó ṣe tẹ̀ lé e. Àwọn àkọ́kọ́ ni adájọ́ fídíò yìí, torí àwọn ni wọ́n wá ohun tó wà nínú rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ti `Browse features` yàtọ̀ gan-an. Ìyẹn ni ojú ìwé àkọ́kọ́ tí YouTube ń gbé síwájú ẹni tó bá ṣí i, àti ojú ìwé tí àwọn ìkànnì tí onítọ̀hún ń tẹ̀lé máa ń jáde sí, àti irú wọn bẹ́ẹ̀. Ẹni yìí kò béèrè ohunkóhun. YouTube ló wo ohun tó ti ń wò tẹ́lẹ̀, tó sì gbé àwòrán iwájú fídíò wa sójú rẹ̀ bóyá yóò tẹ̀ ẹ́. Bí àwòrán náà bá hàn fún ohun tó ju ìṣẹ́jú-àáyá kan lọ, tí ó kéré tán ìdajì rẹ̀ sì wà lójú fóònù, wọ́n á kà á sí `Impressions` kan. Nínú iye yẹn, ìdá àwọn tó tẹ̀ ẹ́ ni wọ́n ń pè ní `Impressions click-through rate`.

Ní oṣù kìíní, ká ní wọ́n gbé fídíò gèlè yìí síwájú èèyàn ní ìgbà 2,000 lójú ìwé àkọ́kọ́, tí wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ ní ìgbà 100. Márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún nìyẹn. Ní oṣù kejì, wọ́n gbé e jáde ní ìgbà 100,000, wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ ní ìgbà 3,000. Mẹ́ta nínú ọgọ́rùn-ún. Ẹni tó bá wo ìdá yìí nìkan á ní àwòrán òun ti sú àwọn èèyàn, á sì sáré pààrọ̀ rẹ̀. Àmọ́ àwọn tó wò ó lóṣù kìíní jẹ́ àwọn tó ti mọ ìyá náà, tí gèlè sì ń wù wọ́n. Nígbà tí YouTube rí i pé àwọn yẹn jókòó tì í, ó gbé e lọ bá àwọn tí kò mọ̀ ọ́n rí. Kò sí bí àlejò ṣe máa tẹ̀ ẹ́ bí ẹni ilé. Ìdá náà wálẹ̀ nítorí pé fídíò ń rìn jìnnà. YouTube fúnra rẹ̀ sọ pé ìdajì gbogbo ìkànnì àti fídíò ló wà láàárín 2 sí 10 nínú ọgọ́rùn-ún, nítorí náà mẹ́ta kì í ṣe ohun ìtìjú.

Wàyí o, ẹ jẹ́ ká pa gbogbo rẹ̀ pọ̀, torí ibí ni mo ti rí i tí àwọn èèyàn ń ṣìnà jù.

Ní oṣù kìíní, wọ́n wo fídíò náà ní ìgbà 1,000. Ìwádìí ló kó 700 wá, wọ́n sì dúró fún ìṣẹ́jú mẹ́rin. `Suggested videos`, ìyẹn àwọn tó rí i lẹ́gbẹ̀ẹ́ fídíò mìíràn tàbí lẹ́yìn rẹ̀, kó 100 wá, ìṣẹ́jú mẹ́ta. Ojú ìwé àkọ́kọ́ kó 100 wá, ìṣẹ́jú méjì. `External`, ìyẹn àwọn tó wá láti ìta YouTube, kó 100 wá, ìṣẹ́jú kan. Bí a bá pín in dọ́gba, ó jẹ́ ìṣẹ́jú 3 àti ìṣẹ́jú-àáyá 24.

Ní oṣù kejì, ó di 5,000. Ìwádìí 800, `Suggested videos` 700, ojú ìwé àkọ́kọ́ 3,000, `External` 500. Ẹ fiyè sí i pé mi ò yí bí ẹnikẹ́ni ṣe pẹ́ tó padà: mẹ́rin, mẹ́ta, méjì, ẹyọ kan, bó ṣe wà tẹ́lẹ̀. Ẹ wá pín in dọ́gba: ìṣẹ́jú 2 àti nǹkan bí ìṣẹ́jú-àáyá 22. Ó ti fi ohun tó ju ìṣẹ́jú kan lọ wálẹ̀, bẹ́ẹ̀ kò sí òǹwòran kankan tó dín bó ṣe ń wò ó kù. Ohun tó yí padà kò ju pé àwọn tó ń gba ojú ìwé àkọ́kọ́ wọlé ti pọ̀ ju àwọn tó ń wá a lọ. Nítorí náà, bí ìpíndọ́gba bá já wálẹ̀, ẹ má fọwọ́ kan fídíò títí ẹ ó fi wo ìlà kọ̀ọ̀kan. Bí ìlà ìwádìí bá ti mẹ́rin bọ́ sí méjì, ọ̀rọ̀ wà níbẹ̀, ẹ lọ wo ọ̀rọ̀ tuntun tó ń gbé wọn wá. Bí ìlà kankan kò bá yẹ̀, ẹ fi í sílẹ̀.

Lórí `Suggested videos`: èyí ni fídíò wa tó jáde lẹ́gbẹ̀ẹ́ fídíò mìíràn tàbí lẹ́yìn rẹ̀. Ẹ tẹ̀ ẹ́, orúkọ àwọn fídíò tó fà wọ́n wá yóò jáde. Ẹ béèrè ohun kan péré: ṣé tèmi ni, àbí ti ẹlòmíì? Bí ó bá jẹ́ tiyín, ẹnì kan tí ń wo iṣẹ́ yín tún ń fẹ́ sí i. Ìjápọ̀ tí ẹ bá kọ sínú àlàyé abẹ́ fídíò náà máa ń bọ́ sí ìlà yìí, kì í bọ́ sí `External`. Bí ó bá jẹ́ ti ẹlòmíì, ẹ lọ wo fídíò náà látòkèdélẹ̀. Ká ní fídíò ìpara ojú ìyàwó ló ń gbé òǹwòran wá sídìí gèlè yìí, ìyá wa ti mọ̀ pé àwọn tó ń múra ìgbéyàwó ni wọ́n, gèlè ìyàwó ló sì yẹ kó tún gbé jáde.

`External` ni gbogbo ohun tó wá láti ìta: WhatsApp, Facebook, ìkànnì tó gbé fídíò náà sí ojú ìwé wọn. Ìlà tó ń da ọ̀rọ̀ rú jù nìyí, ẹ má kà á láìtẹ̀ ẹ́. Google Search wà nínú rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ẹni tó gba Google wọlé ń wá nǹkan gẹ́gẹ́ bí ẹni tó wá a lórí YouTube. Àwọn tó wá láti WhatsApp lè jẹ́ ará ilé tó ṣí i nítorí pé ìyá ló fi ránṣẹ́ sí ẹgbẹ́ mọ̀lẹ́bí. Wọ́n á wò ó díẹ̀, wọ́n á kọ "ẹ kú iṣẹ́", wọ́n á sì kúrò. Ẹ má fi ìṣẹ́jú kan tiwọn dá ẹ̀kọ́ gèlè lẹ́jọ́. Nígbà míì ẹ̀wẹ̀, ohun tí a fi ránṣẹ́ kì í fi ibi tó ti wá hàn, inú `Direct or unknown` ló máa ń bọ́ sí.

Arábìnrin kan béèrè lọ́wọ́ mi pé: "Ẹ̀gbọ́n, mo fi iye `Impressions` pín iye ìwò, kò bá ìdá tí wọ́n kọ síbẹ̀ mu. Ṣé wọ́n ń rẹ́ mi jẹ ni?" Rárá o. Orí YouTube nìkan ni wọ́n ti ń ka `Impressions`. Àwọn tó tẹ ìjápọ̀ nínú WhatsApp wò ó láìrí àwòrán yẹn níbi tí wọ́n ti ń kà á, nítorí náà ìwò wọn wọlé, ìfihàn wọn kò wọlé. Bí ẹ bá fẹ́ ṣírò rẹ̀ fúnra yín, ẹ lo iye ìlà kan ṣoṣo, bíi `Browse features`, ẹ má lo àròpọ̀. Ẹ sì jẹ́ kí ó tó ọjọ́ méjì kí ẹ tó ka àbọ̀ fídíò tuntun, torí nọ́ńbà inú tábìlì yìí máa ń pẹ́ kó tó pé.