Bí Mo Ṣe Ń Yẹ Ojú Ìbuwọ́lùwé Wò Kí Ìwé Ilẹ̀ Tó Jáde

Ẹ kú ìkàlẹ̀ o. Ọ́fíìsì lọ́yà kan ní Mọ́kọ́lá, n'Íbàdàn níbí, ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Kí ìwé kankan tó kúrò lórí tábìlì wa, èmi ni mo máa ń kà á kẹ́yìn. Mi ò kì í ṣe lọ́yà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bi mí léèrè ẹjọ́. Ojú ewé kan ṣoṣo la máa wò lónìí, ìyẹn ewé tí àwọn èèyàn ti ń buwọ́ lùwé, tí àwọn ẹlẹ́rìí sì ti ń jẹ́rìí sí i. Nígbà tí ẹni tó ń tẹ̀wé bá fi máa débẹ̀, ó ti rẹ̀ ẹ́, ẹ̀dà ìwé àtijọ́ ló sì sábà máa ń gbé síbẹ̀. Èmi ò fi ewé yẹn ṣe ìparí iṣẹ́. Ibẹ̀ ni mo ti ń bẹ̀rẹ̀.

Ìwé títa ilẹ̀ ẹbí ni mo gbé wá, torí òun ni wàhálà rẹ̀ pọ̀ jù. Ká ní ilẹ̀ náà wà ní Mọ́níyà. Mo ti yọ orúkọ àwọn tó ni ìwé náà kúrò, mo fi Lágbájá, Làkáṣègbè àti Lámọrín rọ́pò wọn. Ẹni tó bá ń jẹ́ Lámọrín lóòótọ́, kó má bínú.

Ẹ tẹ̀ ẹ́ sórí bébà kẹ́ ẹ tó kà á. Lójú kọ̀ǹpútà, ohun tí ọkàn ẹni ń retí ni ojú máa ń rí. Ẹ wá báírò pupa kan, ẹ wá rúlà, ẹ wá bébà òfìfo kan.

Bébà òfìfo yẹn ni iṣẹ́ àkọ́kọ́ wà. Ẹ ṣí ìbẹ̀rẹ̀ ìwé náà, níbi tí wọ́n ti dárúkọ ẹni tó ń tà àti ẹni tó ń rà. Ẹ da orúkọ kọ̀ọ̀kan kọ lẹ́tà fún lẹ́tà. Kẹ́ ẹ kọ ipò tó fi wọ inú ìwé náà sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ẹ ka iye wọn, kẹ́ ẹ kọ iye náà sísàlẹ̀. Ní tiwa, mẹ́ta ni olùtà: Lágbájá Àdìsá Lámọrín, Mọ́gàjí, olórí ẹbí, Làkáṣègbè Àlàó Lámọrín, àgbà ẹbí, àti Àkànní Lámọrín, òun náà àgbà ẹbí. Olùrà jẹ́ ẹnì kan. Àpapọ̀ wọn, mẹ́rin. Ẹ mú káàdì ìdánimọ̀ tí wọ́n kó wá, kẹ́ ẹ fi bébà yìí wé e kẹ́ ẹ tó fi wé ìwé. Bí orúkọ bá ti ṣì láti iwájú, tí ẹ wá fi iwájú tún ẹ̀yìn ṣe, ẹ ti ba ibi méjèèjì jẹ́ nìyẹn.

Ó yá, ẹ wo ẹ̀yìn ìwé náà bí wọ́n ṣe tẹ̀ ẹ́. Olùtà ni wọ́n ń pè ní «Assignors», olùrà ni «Assignee», àgbà ẹbí ni «Principal Member»:

```
SIGNED, SEALED AND DELIVERED
by the within-named ASSIGNORS:
1. LAGBAJA A. LAMORIN, Baale
2. LAKASEGBE ALABI LAMORIN, Principal Member
IN THE PRESENCE OF:

SIGNED, SEALED AND DELIVERED
by the within-named ASSIGNEE:
```

Ẹ dá fídíò dúró díẹ̀. Ẹ wá àṣìṣe fúnra yín, lẹ́yìn náà kẹ́ ẹ padà wá.

Ẹ fi rúlà bo gbogbo ìlà tó kù, kẹ́ ẹ máa ka orúkọ sókè láti ẹ̀yìn wá síwájú. Lámọrín, Àlàbí, Làkáṣègbè. Ẹ wo bébà yín: Àlàó ló wà níbẹ̀. Ẹni tó ń tẹ̀wé kò gbọ́ èdè òyìnbó ṣì, oríkì ló ṣì gbọ́. Ojú Yorùbá a máa fo irú àṣìṣe yìí, torí Àlàó àti Àlàbí jọ ń dún létí wa bí orúkọ gidi. Ojoojúmọ́ là ń pè wọ́n. Ká ní nǹkan tí kò nítumọ̀ ló wà níbẹ̀, ojú á ta kò ó. Ohun tó wá burú níbẹ̀ ni pé Àlàbí lè wà nínú ẹbí náà lóòótọ́, kó jẹ́ àbúrò bàbá tí kò mọ nǹkan kan nípa títa ilẹ̀.

Ìlà kìíní ńkọ́? «A.» ló wà níbi tó yẹ kí Àdìsá wà. Àwọn kan á ní kò burú. Èmi ò gbà. Bí wọ́n bá kọ orúkọ lódindi níwájú, kí wọ́n kọ ọ́ lódindi lẹ́yìn.

Ọ̀rọ̀ kan wà tó yẹ kí n sọ níbí. Bí orúkọ inú káàdì bá yàtọ̀ sí èyí tó wà nínú ìwé, ẹ má fọwọ́ ara yín tún un ṣe. Ó lè jẹ́ pé ìyá náà ti lọ́kọ, tàbí pé orúkọ méjèèjì ni bàbá ń jẹ́ lóòótọ́. Ẹ fi báírò pupa yí i ká, ẹ kọ ìbéèrè sẹ́gbẹ̀ẹ́, kẹ́ ẹ gbé e fún lọ́yà. Òun ló máa mọ̀ bóyá kí wọ́n kọ orúkọ méjèèjì pọ̀ jákèjádò ìwé, tàbí kí onítọ̀hún lọ búra ní kóòtù.

Ó kan oyè. Ẹ tún wo ìlà kìíní: Mọ́gàjí níwájú, «Baale» lẹ́yìn. Ìwé òyìnbó ni, kò sí àmì ohùn níbẹ̀. Ṣé baálé ilé ni, àbí baálẹ̀ abúlé? Èwo nínú méjèèjì ló jẹ́ Mọ́gàjí? Kò sí. N'Íbàdàn, Mọ́gàjí ni olórí agbo ilé, Olúbàdàn ló ń fi í jẹ. Àwọn Mọ́gàjí ni wọ́n sì ti ń gòkè lọ sí Jagun, tí wọ́n á máa gun àkàsọ̀ oyè lọ. Torí ẹ̀ ni mo ṣe máa ń béèrè lọ́jọ́ tí wọ́n bá ń bọ̀ wá buwọ́ lùwé pé, «Bàbá, oyè yín ò tíì yí padà?» Ìwé lè wà nílẹ̀ fún oṣù mẹ́fà kí owó tó pé, kí Mọ́gàjí ti di Jagun kí wọ́n tó buwọ́ lù ú.

Àmọ́ oyè lásán kọ́ ni mò ń wá, ipò ni. Olóyè, Alhájì, Jagun, iyì ni wọ́n jẹ́. Olórí ẹbí ni ipò tó ń ta ilẹ̀. Láti ọdún 1959, nínú ẹjọ́ Ekpendu àti Erika, ni kóòtù ti là á mọ́lẹ̀ pé bí àwọn àgbà ẹbí bá ta ilẹ̀ tí olórí ẹbí kò sí níbẹ̀, títà náà kò fẹsẹ̀ múlẹ̀ rárá. Bí olórí ẹbí bá sì dá a tà láìjẹ́ pé àwọn àgbà ẹbí fọwọ́ sí i, àwọn yẹn lè lọ sí kóòtù kí wọ́n fagi lé e. Nítorí náà, níbi ìbuwọ́lùwé, ó gbọ́dọ̀ hàn pé olórí ẹbí ni Lágbájá, pé ìdílé Lámọrín ni gbogbo wọn sì ń ṣojú fún bí wọ́n ṣe ń buwọ́ lùwé. Kò sí ìkankan nínú méjèèjì lójú ewé yìí. Bó ṣe wà yìí, àfi bíi pé Lágbájá ń ta ilẹ̀ tirẹ̀.

Ẹ wá ka iye wọn. Olùtà mẹ́ta níwájú, méjì lẹ́yìn. Àkànní ti sọnù. Ohun tó fà á ni pé olùtà méjì ló wà nínú ìwé àtijọ́ tí wọ́n dà kọ.

Ẹlẹ́rìí ló kàn. Ẹ wo abẹ́ ìlà tó sọ pé àwọn kan wà níbẹ̀ nígbà tí wọ́n ń buwọ́ lù ú: òfìfo ni. Olùrà ló tẹ̀ lé e. Mo mọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Ìwé náà ń dà sí ewé kejì, ẹni tó ń tẹ̀wé wá ń pa àyè rẹ́ kó lè há sójú kan, ó sì pa ìlà ẹlẹ́rìí mọ́ ọn. Ìlà mẹ́rin ló yẹ kó wà níbẹ̀ fún ẹlẹ́rìí kọ̀ọ̀kan: orúkọ, àdírẹ́sì, iṣẹ́ tó ń ṣe, ìbuwọ́lù. Ìlà iṣẹ́ ni wọ́n máa ń gbàgbé jù. Níbi ti olùrà, kò sí orúkọ, kò sí ẹlẹ́rìí. Ẹ̀dà ìwé yẹn ti gé kúrò kó tó parí. Kẹ́ ẹ sì ṣọ́ ọ pé kí olùrà má fi ara rẹ̀ ṣe ẹlẹ́rìí olùtà. Wọ́n ń ṣe é o, pàápàá bó bá jẹ́ òun ló gbé àwọn bàbá wá nínú mọ́tò rẹ̀.

Bàbá Àkànní kò kàwé òyìnbó. Fún irú wọn, gbólóhùn kan gbọ́dọ̀ wà pé ẹnì kan ka ìwé náà sí wọn létí, ó túmọ̀ rẹ̀ sí Yorùbá, ó sì yé wọn kí wọ́n tó tẹ̀ka. Nǹkan mẹ́ta ni mo máa ń wò nínú rẹ̀. Ṣé orúkọ bàbá yìí gan-an ló wà níbẹ̀, àbí ti oníbàárà tó ti lọ? Ṣé orúkọ, àdírẹ́sì àti ìbuwọ́lù ẹni tó túmọ̀ wà níbẹ̀? Ṣé àyè ìtẹ̀ka wà, tó tóbi tó àtàǹpàkò? Ìlà tóóró ni wọ́n sábà máa ń fà síbẹ̀, yíǹkì á wá da orúkọ ẹlòmíì pọ̀. Bí àwọn tó kù bá kàwé, ẹ má jẹ́ kí gbólóhùn náà mú wọn pọ̀ mọ́ ọn. Ẹni tó buwọ́ lùwé gààràgà, tí ìwé tún ní kò mọ̀wé, ìjà ọ̀la ni.

Ẹ padà sórí kọ̀ǹpútà. Ẹ tẹ `Ctrl+F`, kẹ́ ẹ wá `Lamorin`. Ẹ máa tẹ̀ lé e láti ibì kan sí òmíràn: páálí iwájú, ìtàn ilẹ̀, ìbuwọ́lùwé, gbólóhùn ìtumọ̀. Lẹ́yìn náà kẹ́ ẹ wá orúkọ oníbàárà tí wọ́n da ìwé rẹ̀ kọ. Bí kọ̀ǹpútà bá rí i, ẹ ti rí àjẹkù nìyẹn. Àmọ́ `Ctrl+F` kò lè rí Àlàbí tó wà nípò Àlàó bí ẹ ò bá mọ̀ pé kẹ́ ẹ wá a. Ìdí nìyẹn tí bébà yẹn fi ṣe pàtàkì.

Kẹ́ ẹ tó tẹ̀ ẹ́ jáde, ẹ rí i pé ojú ewé ìbuwọ́lùwé kò dá dúró. Ó kéré tán, kí ìlà méjì nínú ọ̀rọ̀ ìwé náà bá a wà lójú ewé kan náà. Ewé tí ìbuwọ́lù nìkan wà lórí rẹ̀, ẹnikẹ́ni lè yọ ọ́ kó lẹ̀ ẹ́ mọ́ ìwé mìíràn.

Ẹ jẹ́ n sọ ohun tó kọ́ mi. Níbi tí mo ti ṣiṣẹ́ tẹ́lẹ̀, lẹ́tà kan ṣì nínú orúkọ olùrà ní ẹ̀yìn ìwé. Èmi ni mo kà á, ojú kọ̀ǹpútà ni mo sì ti kà á. Wọ́n buwọ́ lù ú, wọ́n san owó, wọ́n gbé e lọ, wọ́n dá a padà torí lẹ́tà yẹn. Kò le, àbí? Ká tún tẹ̀ ẹ́, kí gbogbo wọn tún wá buwọ́ lù ú. Nígbà tá a máa pe ẹbí náà, ọ̀kan nínú àwọn bàbá yẹn ti papòdà ní ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú. Mi ò lè sọ iye ìgbà tí wọ́n ṣèpàdé lórí lẹ́tà kan ṣoṣo yẹn.

Nítorí náà, lọ́jọ́ ìbuwọ́lùwé, èmi àti bébà mi la jọ ń wọlé. Bí ẹnì kọ̀ọ̀kan bá ti buwọ́ lù ú tàbí tẹ̀ka, mo máa ń fàmì sí orúkọ rẹ̀. Bí ẹlẹ́rìí bá kọ nọ́ńbà fóònù síbi àdírẹ́sì, mo máa bẹ̀ ẹ́ kó kọ àdírẹ́sì. Ẹ̀dà mélòó la tẹ̀? Bó bá jẹ́ márùn-ún, màá ṣí márààrún, torí ẹ̀dà kẹrin ni ọwọ́ máa ń fò. Lẹ́yìn ìyẹn ni mo máa ń sọ pé, «Ẹ ṣé o, ẹ̀yin bàbá wa, ẹ lè dìde.»