Wọ́ọ̀tì lórí fóònù: òfin, ta ló kàn, àti káàdì tí ẹlòmíràn ò gbọ́dọ̀ rí

Ẹ kú ìkàlẹ̀. Wọ́ọ̀tì ni a máa fi ṣe iṣẹ́ lónìí, nítorí pé kò sí ẹni tó jókòó síbí tí kò mọ̀ ọ́n ta. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni eré náà ti wá, William Henry Storey ló gbé e jáde ní 1935, àmọ́ òfin tí à ń lò nílẹ̀ yìí ni a máa tẹ̀ lé.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ ka káàdì. Òbìrìkìtì jẹ́ 12, onígun mẹ́ta náà jẹ́ 12: 1, 2, 3, 4, 5, 7, 8, 10, 11, 12, 13 àti 14. Kò sí 6, kò sí 9. Àgbélébùú àti onígun mẹ́rin jẹ́ 9 lọ́kọ̀ọ̀kan, torí pé wọn ò ní 4, 8 àti 12. Ìràwọ̀ jẹ́ 7 péré, kò kọjá 8. Ẹ wá fi Wọ́ọ̀tì gan-an, ìyẹn 20, márùn-ún kún un: 54. Ìdí tí mo fi kà á ni pé ọ̀pọ̀ ń sọ fún kọ̀ǹpútà pé kó ṣẹ̀dá káàdì láti 1 dé 14 fún gbogbo àwòrán, eré á sì kún fún ìràwọ̀ 13 tí kò sí níbì kankan. Ẹ kọ wọ́n jọ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí ẹ sì jẹ́ kí ètò yín kọ̀ láti bẹ̀rẹ̀ bí iye wọn ò bá pé 54.

Lẹ́yìn èyí, ẹ béèrè pé kí ni eré gbọ́dọ̀ rántí láàárín ìgbà tí ẹnì kan ta àti ìgbà tí ẹni tó kàn máa ta. Káàdì ọwọ́ ẹnì kọ̀ọ̀kan, ọjà, òkìtì káàdì tí a ti ta, àti ẹni tó kàn: gbogbo èèyàn ló ń rántí ìwọ̀nyẹn. Ohun méjì ni wọ́n máa ń gbàgbé, àwòrán tí a béèrè àti gbèsè.

Bí ẹnì kan bá fi 20 sílẹ̀ tó ní òun ń fẹ́ àgbélébùú, káàdì tó wà lókè òkìtì kò sọ nǹkan kan fún wa mọ́. Ìbéèrè yẹn gbọ́dọ̀ ní ibi tirẹ̀. Ó sì gbọ́dọ̀ parẹ́ ní kété tí ẹnì kan bá dá a lóhùn. Bí ẹ bá gbàgbé láti pa á rẹ́, báyìí ni ẹ ṣe máa mọ̀: Ṣadé fi àgbélébùú 7 dáhùn, Kúnlé ní òbìrìkìtì 7 lọ́wọ́, èyí tó bá nọ́ńbà mu, fóònù sì sọ fún un pé kò lè ta á. Òfin yín kò ṣàìdáa, ìbéèrè àtijọ́ ni kò tíì kúrò nílẹ̀.

Gbèsè ni mo ń pe ohun tí 2 àti 5 ń dá sílẹ̀. Àwọn tó ń yára kọ ètò máa ń ṣe é pé bí 2 bá ti balẹ̀, káàdì méjì fò láti ọjà sí ọwọ́ ẹni tó tẹ̀ lé e. Ó rọrùn, ṣùgbọ́n ó ti ilẹ̀kùn mọ́ àwọn ilé tí wọ́n ti ń fi 2 gba 2. Ẹ kàn kọ ọ́ sílẹ̀ pé gbèsè di 2, kí eré kọjá sí ẹni tó kàn. Ọ̀nà méjì péré ló ṣí sílẹ̀ fún un: kó san án, tàbí, bí ilé bá gbà bẹ́ẹ̀, kó fi 2 mìíràn tì í síwájú, kí gbèsè di 4. Ẹni tó bá san án kò ní ta káàdì lẹ́yìn náà, ó ti kọjá lórí rẹ̀. Ẹ tún wò ó pé gbèsè lè ju ohun tó kù lọ́jà lọ. Bí gbèsè bá jẹ́ 4 tí ọjà ku 3, kí ló máa ṣẹlẹ̀? Ilé kan á ka káàdì ọwọ́ ní ojú ẹsẹ̀, ilé mìíràn á da òkìtì pọ̀ padà sí ọjà. Àríyànjiyàn bí èyí ni ẹ gbọ́dọ̀ sọ di ohun tí àwọn òṣèré máa yàn kí a tó pín káàdì, torí pé fóònù kò ní jẹ́ kí ẹnikẹ́ni pariwo títí wọ́n á fi gbà fún un.

Ọ̀rọ̀ ta ló kàn kò le tó bí àwọn èèyàn ṣe rò. Ẹ fún ìjókòó ní nọ́ńbà láti 0, kí káàdì kọ̀ọ̀kan sì sọ iye ìjókòó tí a máa sún. Káàdì lásán ń sún wa ní 1. Ení, tó ní kí ẹni tó ta á tún ta, ń sún wa ní 0. Ẹ̀jọ, tó ń fo ẹni tó tẹ̀ lé e, ń sún wa ní 2. Ẹ ṣírò rẹ̀ kó máa yí po bí àga tó yí tábìlì ká, iṣẹ́ parí. Bí òṣèré bá jẹ́ méjì, 8 á dá eré padà sí ọwọ́ ẹni tó ta á láìjẹ́ pé ẹ kọ òfin kankan fún un: láti ìjókòó 0, ìṣísẹ̀ 2 á gbé wa padà sí 0. Fún 14, gbogbo àwọn yòókù á mú káàdì kan kan lọ́jà. Bóyá ẹni tó ta á tún máa ta, ilé ló yàtọ̀ sí ilé, ẹ fi í sí ara ohun tí wọ́n máa yàn.

Ó wá ku káàdì tó pamọ́, ibẹ̀ ni eré orí fóònù ti máa ń tú. Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù ni pé sáfà, ìyẹn kọ̀ǹpútà tí gbogbo fóònù ń bá sọ̀rọ̀, ń fi gbogbo eré ránṣẹ́ sí gbogbo fóònù, tí fóònù á sì ya ẹ̀yìn káàdì bo ti àwọn yòókù. Lójú, ó dà bíi pé ó pamọ́. Ẹni tó bá mọ bí a ṣe ń ka ọ̀rọ̀ tó ń wọ fóònù rẹ̀ á rí ohun gbogbo, títí kan bí ọjà ṣe tò. Ohun tí fóònù kò gbọ́dọ̀ fi hàn, kó má dé ibẹ̀ rárá. Sáfà ló gbọ́dọ̀ gé eré sí ìwọ̀n ojú ẹnì kọ̀ọ̀kan kó tó fi ránṣẹ́:

```js
function view(game, me) {
  return {
    turn: game.turn,
    top: game.pile.at(-1),
    asked: game.asked,
    debt: game.debt,
    market: game.market.length,
    counts: game.hands.map(h => h.length),
    hand: game.hands[me],
    version: game.version
  };
}
```

Ẹ kíyè sí i pé a kọ ohun tó yẹ kó jáde ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. A kò mú gbogbo eré ká tó yọ ohun tó yẹ kó pamọ́ kúrò. Bí ẹ bá fi nǹkan tuntun kún eré lọ́la, kò ní lè yọ́ jáde láìjẹ́ pé ẹ̀yin fúnra yín kọ orúkọ rẹ̀ síbẹ̀.

Síbẹ̀, àṣírí ṣì lè tú láti àwọn ihò kéékèèké. Ẹ fọkàn sí bí káàdì ṣe tò. Ká ní fóònù Kúnlé ń to káàdì rẹ̀ láti nọ́ńbà kékeré dé ńlá, tí ẹ sì ń fi ibi tí káàdì ti fò kúrò han Ṣadé kí eré lè dùn ún wò. Kúnlé ta 10, káàdì náà sì kúrò ní ìparí lápá ọ̀tún. Ṣadé ti mọ̀ pé kò sí 11, kò sí 13, kò sí Wọ́ọ̀tì lọ́wọ́ Kúnlé. Ẹ jẹ́ kí káàdì máa fò láti àárín ọwọ́ ní gbogbo ìgbà.

Ihò kejì ni ọjà. Láti ran òṣèré lọ́wọ́, ètò lè rí i pé kò ní káàdì tó bá òkìtì mu, kó sì gbé e lọ sọ́jà fúnra rẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Ní ọ̀pọ̀ ilé, èèyàn lè lọ sọ́jà bó bá wù ú, kó fi káàdì rere pamọ́. Bí ẹni tí kò ní bá ń lọ láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, tí ẹni tó ní sì ń lò tó márùn-ún kó tó pinnu, gbogbo tábìlì ti mọ ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ ṣófo. Ẹ jẹ́ kí òṣèré tẹ ọjà fúnra rẹ̀. Ìrànlọ́wọ́ tó bá ń tú àṣírí, ẹ pa á tì.

Dída káàdì pọ̀ náà wà lára ìpamọ́. Ọ̀nà tó tọ́ kò gùn:

```js
const crypto = require('node:crypto');
for (let i = deck.length - 1; i > 0; i--) {
  const j = crypto.randomInt(i + 1);
  [deck[i], deck[j]] = [deck[j], deck[i]];
}
```

Ẹ má fi `Math.random()` rọ́pò `crypto.randomInt` yẹn, torí wọn ò ṣe é fún ohun tó gbọ́dọ̀ pamọ́. Ní 1999, àwọn onímọ̀ ààbò kọ̀ǹpútà kan fi hàn pé àwọn lè mọ káàdì ọwọ́ gbogbo òṣèré nínú eré pókà kan tí wọ́n ń ta lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Ètò náà ń bẹ̀rẹ̀ dídà pọ̀ rẹ̀ láti ara aago: iye ìdá-ẹgbẹ̀rún ìṣẹ́jú àáyá tó ti kọjá láti aago méjìlá òru. Iye yẹn kò lè ju 86,400,000 lọ lóòjọ́, kọ̀ǹpútà sì lè dán an wò tán. Bí wọ́n bá tún mọ aago sáfà díẹ̀, ohun tí wọ́n máa dán wò á kéré gan-an. Ní òdìkejì, ọ̀nà tí káàdì 54 lè gbà tò jẹ́ nọ́ńbà tó gùn tó díjíìtì 72.

Ẹ máa rí `version` nínú kóòdù àkọ́kọ́. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì tó ń ṣe ségesège ló mú un wá. Òṣèré tẹ ọjà, nǹkan kan ò mira, ó tún tẹ̀ ẹ́. Lọ́pọ̀ ìgbà, sáfà á kọ ìtẹ̀ kejì nítorí pé kò kàn án mọ́, èyí ló sì ń mú kí àṣìṣe náà pẹ́ kó tó hàn. Àmọ́ tí òṣèré bá jẹ́ méjì, ká ní Ṣadé tẹ 8 lẹ́ẹ̀mejì: ó kàn án padà, nítorí náà ìtẹ̀ kejì náà bófin mu lójú sáfà. Bí fóònù bá kàn sọ pé "ta káàdì tó wà ní ipò kẹta", káàdì mìíràn tó ti sún sí ipò kẹta lè lọ, kí Ṣadé máa wò ó pé òun ò tẹ̀ ẹ́. Nítorí náà, kí fóònù dárúkọ káàdì gan-an, kó sì fi nọ́ńbà eré tó rí kẹ́yìn ránṣẹ́. Sáfà á fi 1 kún nọ́ńbà náà lẹ́yìn gbogbo ìgbésẹ̀ tó bá gbà, á sì kọ èyí tí nọ́ńbà rẹ̀ bá ti pẹ́. Bí fóònù bá kú tó tún padà, kó kàn gba `view` tuntun, kó má gbìyànjú láti fi ohun tó rántí kún un.

Ẹnì kan béèrè bóyá a lè ṣe é láìsí sáfà. Ó ṣeé ṣe láàárín fóònù méjì nípa fífi kọ́kọ́rọ́ ti káàdì pa, àwọn onímọ̀ kọ̀ǹpútà Shamir, Rivest àti Adleman ti ṣàlàyé ọ̀nà rẹ̀ láti 1979, ṣùgbọ́n iṣẹ́ rẹ̀ pọ̀ ju ohun tí Wọ́ọ̀tì nílò lọ. Èyí tó rọrùn ni fóònù kan tí à ń gbé láti ọwọ́ dé ọwọ́. Níbẹ̀, bí ẹnì kan bá ti ta tán, kí ojú fóònù ṣókùnkùn, kó sì kọ orúkọ ẹni tó kàn, títí onítọ̀hún á fi tẹ̀ ẹ́. Ẹ tún rántí pé bí èèyàn bá kúrò nínú eré lọ dáhùn ìpè, fóònù ń ya àwòrán ohun tó wà lójú rẹ̀ sí ibi tó ń to àwọn áàpù tó ṣí sílẹ̀. Ẹ bo káàdì ní kété tí eré bá lọ sẹ́yìn. Lórí Áńdírọ́ọ̀dù, `FLAG_SECURE` á mú kí àwòrán yẹn ṣófo.