"Wọ́n ti ná an dé iye báyìí"

Asalaamu alaekun waramọtulaahi wabarakaatuhu. Ẹ kú Jímọ̀ òní, ẹ̀yin ará mi nínú Islaamu.

Ọ̀rọ̀ ìnájà ni mo mú wá, torí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ wa ti ń parọ́ tí a kì í kà á sí irọ́. Búháárì gbà á wá láti ọ̀dọ̀ Abudulaahi ọmọ Abu Aofa pé ọkùnrin kan pàtẹ ọjà, ó fi Ọlọ́hun búra pé wọ́n ti fún òun ní iye kan, bẹ́ẹ̀ wọn kò fún un. Lórí rẹ̀ ni ááyà 77 nínú Súúrà Áálì Imúráánà sọ̀kalẹ̀, pé irú wọn kò ní ìpín lọ́run. "Wọ́n ti ná an dé iye báyìí" ni irọ́ ọkùnrin yẹn. Àwa náà ń sọ ọ́.

Ká ní o fẹ́ ta jẹnẹrétọ̀. O pè é ní 200,000 náírà, ṣùgbọ́n tí wọ́n bá san 150,000, wàá gbà. Oníbàárà ní, "Jálẹ̀jálẹ̀, èló lẹ máa gbà?" O lè rẹ́rìn-ín kí o ní, "Ẹ ṣáà ná an." Ohun tó wà nínú ọkàn rẹ kì í ṣe ẹ̀tọ́ rẹ̀. Òun náà lè ní, "120,000 ni mo fẹ́ san." Ṣùgbọ́n tó bá ní, "120,000 péré ló kù lọ́wọ́ mi," tí 200,000 sì wà lápò, irọ́ nìyẹn. Tí ìwọ náà bá sọ fún ọ̀rẹ́ rẹ pé kó wá ṣe bí ẹni tó fẹ́ rà á kí owó lè gòkè, Ànábì (kí ikẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) ti kọ̀ ọ́. Najiṣi ni àwọn áfáà ń pè é.

Dídákẹ́ kan wà tí kò dára, tí ọ̀pọ̀ kò fura sí. Jẹnẹrétọ̀ yìí máa ń rú èéfín tó bá ti ṣiṣẹ́ tó wákàtí kan, o sì mọ̀. Bí oníbàárà kò tilẹ̀ béèrè, o gbọ́dọ̀ sọ. Mùsìlímù gbà á wá pé Ànábì ki ọwọ́ bọ òkìtì oúnjẹ kan lọ́jà, ó bá omi nísàlẹ̀. Olówó rẹ̀ ní òjò ló pa á. Ànábì ní kí ló dé tí kò fi í sókè kí àwọn ènìyàn lè rí i. Ó ní ẹni tó bá rẹ́ni jẹ kì í ṣe ara òun. Ọkùnrin yẹn kò sọ̀rọ̀ irọ́ kankan o. Dídákẹ́ rẹ̀ ló jẹ́ ẹ̀tàn.

Àwọn kan á wá fi Abubakri ṣe àwáwí fún ọ̀rọ̀ olójú méjì, tí wọ́n bi í lójú ọ̀nà Mẹ̀dínà pé ta ni Ànábì, tó ní, "Ẹni tó ń fi ọ̀nà hàn mí ni." Ọ̀nà ìrìnàjò ni wọ́n rò, ọ̀nà oore ló ní lọ́kàn. Ẹ̀mí Ànábì ló ń dáàbò bò; kò gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Lọ́jà, tí wọ́n bá ní kí o búra, ohun tí ẹni tó ní kí o búra gbọ́ ni Ọlọ́hun máa kà sí ọ lọ́rùn.

Tí o bá ti ta ọjà alábùkù láìsọ, ẹni tó rà á ní ẹ̀tọ́ láti dá a padà, kó sì gba owó rẹ̀. Nọ́ńbà rẹ̀ lè ṣì wà lórí fóònù rẹ. Pè é kí o tó lọ kírun Jímọ̀.