Òsì fún Ojú, Ọ̀tún fún Etí: Bí A Ṣe Ń To Àkọsílẹ̀ Fídíò Aláàlàyé fún Iléeṣẹ́

Ẹ kú ìjókòó o. Fídíò kan tí kò ju ìṣẹ́jú kan lọ ni n ó fi ṣe àpẹẹrẹ. Iléeṣẹ́ tó ń ta iná sólà ní sísan díẹ̀díẹ̀ ló gbé iṣẹ́ náà wá. Wọ́n fẹ́ kí oníbàárà mọ bí yóò ṣe tẹ nọ́ńbà tó wọlé sórí fóònù rẹ̀ sínú àpótí bátìrì, kí iná tó tàn.

Bí lẹ́tà ni wọ́n ṣe kọ àkọsílẹ̀ fídíò náà fún wa: “Lẹ́yìn tí ẹ bá ti sanwó, ẹ ó rí nọ́ńbà mẹ́wàá gbà, tí ẹ ó tẹ̀ sínú àpótí yín.” Ó dùn ún kà. Ṣùgbọ́n oníkámẹ́rà kò rí nǹkan kan yà níbẹ̀.

Ìdí nìyẹn tí a fi ń pín ojú ìwé sí méjì. Gbogbo ohun tí ojú ń rí wà lápá òsì. Ohùn olùkà, orin àti ìró yòówù wà lápá ọ̀tún. Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà ni ọ̀rọ̀ tí a tẹ̀ sójú fídíò. Nítorí pé ọ̀rọ̀ ni, wọ́n á gbé e sọ́tùn-ún, olùkà á sì kà á jáde. Ojú ló ń kà á, nítorí náà òsì ni ilé rẹ̀.

Ohun tó bá wà lórí ìlà kan náà, ìgbà kan náà ni yóò ṣẹlẹ̀. Ẹ wo àárín fídíò wa:

| Àwòrán | Ohùn |
|---|---|
| 4. Àwòrán sún mọ́ ọwọ́ ìyá oníṣòwò tó di fóònù mú. Àtẹ̀jíṣẹ́ wọlé. | Ìró àtẹ̀jíṣẹ́. OLÙKÀ: Owó yín ti wọlé. Nọ́ńbà yín rèé. |
| 5. Ìka ń tẹ bọ́tìnnì àpótí lọ́kọ̀ọ̀kan. | Ìró bọ́tìnnì nìkan, ìṣẹ́jú àáyá 5. Olùkà dákẹ́. |
| 6. Gílóòbù tàn. Ọmọ tó ń kàwé gbójú sókè. Lójú fídíò: ỌJỌ́ 30 | OLÙKÀ: Ó di ọgbọ̀n ọjọ́ òní. |

Ẹ jẹ́ ká dúró lórí ìlà karùn-ún. Bí a kò bá kọ ọ́ pé olùkà dákẹ́, ẹni tó ń to fídíò á rò pé a gbàgbé ni, á sì fi orin dí i. Ìdákẹ́jẹ́ náà gbọ́dọ̀ wà nínú ìwé. Ní ìlà kẹfà, olùkà ì bá sọ pé “iná ti tàn”, ṣùgbọ́n ta ni kò rí i? Iye ọjọ́ tí iná náà yóò lò ni gílóòbù tó tàn kò lè sọ fúnra rẹ̀, òun la tẹ̀ sójú fídíò, tí a sì fi sẹ́nu olùkà.

Ẹ tún wo 30 lósì àti “ọgbọ̀n” lọ́tùn-ún. Bí a bá kọ ₦3,500 fún olùkà, ẹnìkan á pè é ní ẹgbẹ̀rún mẹ́ta àti ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta, ẹlòmíràn á ní ẹgbẹ̀rún mẹ́ta àbọ̀. Ẹ yan ọ̀kan, kí ẹ kọ ọ́ bí ẹ ṣe fẹ́ kó jáde lẹ́nu. Ẹ má sì yọ àmì ohùn sílẹ̀. Mo ti fi “E ti te” ránṣẹ́ sí olùkà kan láìsí àmì rárá. “Ẹ ti tẹ̀” ló wà lọ́kàn mi. “Ẹ ti tẹ́” ló kà. Ìtìjú ló kí oníbàárà! Odindi ọjọ́ kan la fi tún ohùn yẹn gbà.

Ní ti àkókò, n kì í fọkàn tán kíka iye ọ̀rọ̀, nítorí ọ̀rọ̀ Yorùbá kéékèèké pọ̀: “ó”, “ń”, “sì”. Mo máa ń ka apá ọ̀tún sókè bí ẹni ń bá àgbà sọ̀rọ̀, kí n fi aago fóònù wọ̀n ọ́n, kí n wá fi ìṣẹ́jú àáyá ìdákẹ́jẹ́ kún un. Lẹ́tà tí wọ́n kọ́kọ́ kọ gba ìṣẹ́jú kan àti àáyá 35. Gígé la gé e.

Tábìlì gidi ni kí ẹ fi to ó lórí kọ̀ǹpútà. Bí ẹ bá fi àlàfo ti ọ̀rọ̀ sọ́tùn-ún, ọ̀rọ̀ méjì tí oníbàárà bá fi kún un á ti gbogbo ìlà kúrò láyè, ìró bọ́tìnnì á sì bọ́ sábẹ́ gílóòbù. Kí ẹ tó fi ránṣẹ́, ẹ fi ìwé bo apá ọ̀tún. Bí apá òsì nìkan kò bá sọ ìtàn tó yé ènìyàn, a jẹ́ pé rédíò lẹ kọ.

Ìlà tó kẹ́yìn ló fa àríyànjiyàn. Iléeṣẹ́ fẹ́ kí olùkà pe nọ́ńbà fóònù wọn, lọ́kọ̀ọ̀kan, gbogbo mọ́kànlá. A gbé e lọ sósì, a kọ “orin nìkan, ìṣẹ́jú àáyá 4” sọ́tùn-ún, wọ́n sì gbà.