Òwò Àgbò Tí Kì Í Pàdánù

Àsàlámù àlékúmù wáráhámótúlọ́hì wábárákátúhù. A kú Jímọ̀ o, ẹ̀yin ará mi.

Alhaja kan ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ wọn lónìí. Wọ́n ti yọ̀ǹda fún mi. Wọ́n ní kí n má dárúkọ àwọn, ṣùgbọ́n kí n má ṣe bo ohunkóhun nínú ìtàn náà. Ọdún márùndínlógójì ni wọ́n fi ṣe olùkọ́ ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ n'Íbàdàn, ìṣirò ni wọ́n sì fẹ́ràn láti kọ́ ọmọ jù. Ẹ fi ìṣirò yẹn sọ́kàn.

Lẹ́yìn tí wọ́n fẹ̀yìn tì, penṣọ̀n oṣooṣù ń wọlé díẹ̀díẹ̀, ṣùgbọ́n gíráátúítì, ìyẹn owó gọbọi tí wọ́n ń san lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, kò tètè dé. Wọ́n lọ, wọ́n bọ̀, wọ́n tò sórí ìlà lóòrùn kí ìjọba lè rí i pé àwọn ò tíì kú. Ọjọ́ tí owó náà wá wọlé, mílíọ̀nù mẹ́rin náírà ni. Kò pé ọ̀sẹ̀ méjì tí ọ̀rẹ́ wọn kan, tí wọ́n jọ ń ṣe àsàlátù, tí wọ́n sì jọ lọ sí Mẹ́kà, fi mú ìwé kan wá bá wọn nílé.

Òwò àgbò Iléyá ni wọ́n pe ohun tó wà nínú ìwé náà. Wọ́n ní àwọn ń ra àgbò lókè Ọya, àwọn ń bọ́ ọ, àwọn ń tà á. Wọ́n kọ "mùdárábà" gàdàgbà sókè ìwé, wọ́n kọ "hàlálì" sábẹ́ rẹ̀. Ẹni tó bá kówó sílẹ̀ yóò máa gba ìdá mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n nínú ọgọ́rùn-ún lóṣooṣù. Owó orí rẹ̀ kò ní í dín, ìgbàkigbà tó bá fẹ́ ni yóò gbà á. Ẹni tó bá sì mú èèyàn wá, ìdá mẹ́wàá nínú owó onítọ̀hún jẹ́ tirẹ̀.

Ọ̀rẹ́ yẹn kì í ṣe òpùrọ́. Ó ti kó ẹgbẹ̀rún lọ́nà ọ̀ọ́dúnrún sílẹ̀, ó sì ti gba ẹgbẹ̀rún márùndínlọ́gọ́rin lẹ́ẹ̀mejì. Ó fi áláàtì báńkì han Alhaja lórí fóònù. Ohun tó kó sí Alhaja lórí nìyẹn. Wọ́n rántí MMM tó ti àpótí owó pa mọ́ àwọn èèyàn lójú ní oṣù Kejìlá ọdún 2016. Wọ́n tún rántí CBEX tó wó lulẹ̀ ní oṣù Kẹrin ọdún 2025, táwọn èèyàn fìbínú ya wọ ọ́fíìsì rẹ̀ n'Íbàdàn níbí, tí wọ́n ń gbé àga jáde. Ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n sọ fún ara wọn ni pé orí íńtánẹ́ẹ̀tì làwọn yẹn wà, ti àwọn yìí jẹ́ ẹran abẹ̀mí, ti Mùsùlùmí bíi tiwa. Ọmọkùnrin tó wá ṣàlàyé ètò náà ní àsàlátù tún fi òwe dí wọn lẹ́nu: ẹni tó máa jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké. Òwe àwọn baba wa ni, àbí? Kò sọ fún wọn pé àáké ta ló fẹ́ fi là á.

Wọ́n san ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá fún fọ́ọ̀mù. Mílíọ̀nù mẹ́rin náà ni wọ́n fẹ́ kó sílẹ̀ pátá. Ọmọkùnrin náà tún ní báńkì kékeré kan wà tó ń yá àwọn tó ti fẹ̀yìn tì lówó, tí yóò máa yọ ọ́ nínú penṣọ̀n wọn lóṣooṣù fún ọdún kan ààbọ̀. Kí Alhaja yá mílíọ̀nù kan sí i, èrè oṣù mélòó kan yóò sì san gbèsè náà. Ẹ wo bí wọ́n ṣe fi owó èlé ti "mùdárábà" lẹ́yìn. Gíráátúítì nìkan kọ́ ló fẹ́ lọ mọ́, owó oúnjẹ oṣooṣù náà fẹ́ bá a lọ.

Àárọ̀ ọjọ́ Àlàmísì tí wọ́n fẹ́ lọ báńkì ni wọ́n yà sọ́dọ̀ mi pé kí n bá wọn ṣe àdúà sí i. Mo ní, "Màámi, a óò ṣe àdúà. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ rí ìwé ọ̀hún."

Ìwé ìforúkọsílẹ̀ CAC wà nínú rẹ̀, òǹtẹ̀ rẹ̀ pé. Ohun tí ọ̀pọ̀ wa kò mọ̀ ni pé ìwé CAC kàn ń sọ pé iléeṣẹ́ kan ní orúkọ ni. Kì í ṣe àṣẹ láti gba owó ìdókòwò lọ́wọ́ aráàlú. Ọ̀dọ̀ àjọ SEC ni wọ́n ti ń gba irú àṣẹ yẹn, orúkọ àwọn tó ní i sì wà lójú òpó wọn, lórí sec.gov.ng. A wá orúkọ iléeṣẹ́ alágbò yìí níbẹ̀, a ò rí i. Nọ́ńbà báńkì tí wọ́n fún wọn pé kí wọ́n sanwó sí, orúkọ èèyàn ló wà lórí rẹ̀, kì í ṣe orúkọ iléeṣẹ́.

Ṣùgbọ́n ká ní gbogbo ìwé wọn pé pérépéré, mo ní ìbéèrè kan tó jù bẹ́ẹ̀ lọ. Mo bi wọ́n pé, "Alhaja, bí àgbò bá kú lọ́nà, ta ló pàdánù?"

Wọ́n ní, "Àfáà, wọ́n ní a ò lè pàdánù."

Mo ní, "A jẹ́ pé kì í ṣe mùdárábà nìyẹn."

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé rẹ̀ bí mo ṣe ṣàlàyé rẹ̀ fún wọn. Nínú mùdárábà, ẹnì kan ni ó lówó, ẹnì kejì ni ó ń fi ara ṣiṣẹ́. Ká ní mo fún alágbò ní mílíọ̀nù kan. Ó ra àgbò márùn-ún ní ẹgbẹ̀rún lọ́nà ọgọ́sàn-án ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó sì ná ẹgbẹ̀rún lọ́nà ọgọ́rùn-ún tó kù sórí ọkọ̀ àti oúnjẹ ẹran. Iléyá dé, ó tà wọ́n ní 240,000 ọ̀kọ̀ọ̀kan, owó di 1,200,000. Èrè jẹ́ 200,000. Bí àdéhùn wa bá jẹ́ ọgọ́ta sí ogójì, èmi yóò mú 120,000, òun yóò mú 80,000. Bí ọ̀kan bá kú láìjẹ́ pé ó ṣe àìbìkítà, mẹ́rin ni yóò tà, owó yóò jẹ́ 960,000. Ẹgbẹ̀rún lọ́nà ogójì ti lọ nìyẹn, èmi olówó ni mo pàdánù rẹ̀. Òun náà pàdánù làálàá rẹ̀. Ìdá tí a ń pín, inú èrè tó bá wọlé ni a ti ń pín in. Ẹni tó bá bù ú lé owó orí, tó ní iye báyìí ni yóò máa wọlé lóṣooṣù bóyá ẹran kú bóyá ẹran yè, ó ti kúrò nínú òwò, ó ti bọ́ sínú ríbà, kódà bó fi omi sámúsámù kọ "hàlálì" sórí rẹ̀. Ọlọ́hun sọ nínú Súrátùl Bákọrà, ẹsẹ 275, pé Òun ṣe òwò ní ẹ̀tọ́, Òun sì ṣe ríbà ní èèwọ̀. Hádíìsì kan wà tí Abú Dáwúdù gbà wá, ó kúrú púpọ̀: ẹni tí àdánù wà lọ́rùn rẹ̀ ni èrè tọ́ sí.

Alhaja dákẹ́. Mo rò pé inú ló ń bí wọn. Ìgbà tó yá, wọ́n ní kí n fún àwọn ní bébà àti bírò. Tíṣà ti dé nìyẹn.

Wọ́n kọ ọ́ pé ká ní èèyàn mẹ́wàá san mílíọ̀nù kọ̀ọ̀kan. Owó mílíọ̀nù mẹ́wàá ló wà nílẹ̀. Èrè oṣù kan fún àwọn mẹ́wẹ̀ẹ̀wá jẹ́ mílíọ̀nù méjì ààbọ̀. Oṣù kìíní, méjì ààbọ̀. Oṣù kejì, ó di márùn-ún. Oṣù kẹta, méje ààbọ̀. Oṣù kẹrin, mẹ́wàá. Wọ́n gbójú sókè wò mí. "Àfáà, wọn ò tíì ra ewúrẹ́ kan ṣoṣo, wọ́n sì lè san èrè fún oṣù mẹ́rin."

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, bí ọ̀gá wọn kò bá tíì jí nínú rẹ̀. Bó bá kó ìdajì sápò lọ́jọ́ kìíní, oṣù méjì péré ni owó máa tó, àfi kí àwọn tuntun wọlé. Ìdí rẹ̀ nìyẹn tí wọ́n fi ń fún ẹni tó bá mú èèyàn wá ní ìdá mẹ́wàá. Áláàtì tí ọ̀rẹ́ Alhaja fi hàn wọ́n, òótọ́ ni. Owó tirẹ̀ ni wọ́n ń bù fún un.

Wọ́n tún bi mí pé èló ni ìjọba fúnra rẹ̀ ń san fún ẹni tó bá dókòwò lọ́nà tí ẹ̀sìn gbà. Mo sọ fún wọn nípa súkúùkù, ìyẹn ìwé ìdókòwò tí kò ní ríbà nínú, tí ìjọba àpapọ̀ kọ́kọ́ gbé jáde lọ́dún 2017, bílíọ̀nù lọ́nà ọgọ́rùn-ún náírà, tí wọ́n fi ṣe ọ̀nà mọ́tò: 16.47 nínú ọgọ́rùn-ún ni, lọ́dún kan gbáko. Wọ́n fa ìlà sí abẹ́ 25 lóṣù, wọ́n sọ ọ́ di 300 lọ́dún. Wọ́n wò ó títí. Ìgbà kan ṣoṣo ni Iléyá sì ń wá lọ́dún. Wọn ò bi ara wọn rí pé ta ló ń ra àgbò ní oṣù yòókù débi tí èrè ò fi ní í dín.

Ẹ̀rù ń bà mí láti ka ẹsẹ kan fún wọn, nítorí àgbà ni wọ́n, ṣùgbọ́n mo kà á. Súrátù Nísáì, ẹsẹ 5. Ọlọ́hun ní kí á má ṣe kó dúkìá wa, èyí tí Òun ṣe ní ohun ìgbéró fún wa, lé àwọn tí kò lóye lọ́wọ́. Ohun tó ń gbé èèyàn nàró ni Ọlọ́hun pe owó níbẹ̀. Alhaja ní, "Penṣọ̀n mi nìyẹn." Wọn ò lọ báńkì mọ́ lọ́jọ́ yẹn.

Ọ̀rẹ́ wọn bínú, ó ní mo ń jowú. Kò ju ọ̀sẹ̀ mẹ́sàn-án lọ tí fóònù ọmọkùnrin yẹn kò lọ mọ́. Nígbà yẹn, ọ̀rẹ́ náà ti fi ẹgbẹ̀rún lọ́nà ẹẹ́dẹ́gbẹ̀rin kún tàkọ́kọ́, ó sì ti mú obìnrin méjì wọlé láti àsàlátù. Ó wá bi mí bóyá ìdá mẹ́wàá tó gbà lórí wọn jẹ́ tirẹ̀. Mo ní kì í ṣe tirẹ̀, inú owó àwọn obìnrin yẹn ni wọ́n ti bù ú, kó dá a padà fún wọn. Ó ti ń dá a padà, ẹgbẹ̀rún márùn-ún, ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá. Ara rẹ̀ kò tíì balẹ̀ láti jókòó níwájú ní àsàlátù.

Alhaja wà ní mọ́sálásí wa lónìí. Lẹ́yìn ìrun Jímọ̀, wọn óò jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri ẹ̀ka àwọn obìnrin pẹ̀lú ìwé ìṣirò wọn. Ẹnikẹ́ni tí wọ́n bá fún ní irú bébà yẹn, kó mú un lọ bá wọn kí wọ́n jọ kà á. Ẹ má tíì sanwó fọ́ọ̀mù o. Ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá ti Alhaja kò padà.